Ẹ Bèèrè Orúkọ Sọ́fẹ́ǹtì Kí Ẹ Tó Dáhùn

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ kẹ́mísìrì ní yunifásítì, bí wọ́n bá bi yín bóyá SN1 ni ìpààrọ̀ kan gbà tàbí SN2, mólékù tó gbé búrómìnì tàbí kílórínì dání nìkan ni ẹ máa ń tẹjú mọ́. Ẹ kì í wo sọ́fẹ́ǹtì, ìyẹn olómi tí a fi yọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀, òun náà lọ́wọ́ nínú ẹjọ́ yẹn dáadáa.

Ẹ to tẹ́sìtúùbù mẹ́rin kalẹ̀. Ẹ da mílílítà 2 sódíọ̀mù ayódáìdì tí a yọ́ sínú asitónì (gíráàmù 15 sínú mílílítà 100) sínú méjì, kí ẹ da nítíréètì fàdákà inú ẹ́tánọ́ọ̀lì sínú méjì yòókù. Ẹ wá kán CH₃CH₂CH₂CH₂Br sínú ọ̀kan nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kán (CH₃)₃CCl sínú èkejì rẹ̀. Ẹ̀kán méjì péré ti tó.

Nínú asitónì, kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ tí èérí funfun yóò fi máa rọ̀ sílẹ̀ nínú túùbù àkọ́kọ́. NaBr nìyẹn, nítorí asitónì kò lè yọ́ ọ. Túùbù (CH₃)₃CCl yóò mọ́ gaara. Ní ti ẹ́tánọ́ọ̀lì, ọ̀rọ̀ yí padà: (CH₃)₃CCl ló ń funfun lójú ẹsẹ̀, èkejì rẹ̀ sì máa ń fẹ́ kí a gbé e sínú omi gbígbóná kó tó ṣe ohunkóhun.

Kí ló fà á? Agbára olómi méjèèjì láti ya ayọ́ọ̀nù sọ́tọ̀ kò jìnnà síra: nǹkan bí 21 fún asitónì, nǹkan bí 24 fún ẹ́tánọ́ọ̀lì. Háídírójìn tó so mọ́ ọ́síjìn ló yà wọ́n. Ẹ́tánọ́ọ̀lì ní in, omi náà ní in. Púrótíìkì là ń pè wọ́n. Asitónì kò ní in, apúrótíìkì ni. Háídírójìn yìí máa ń rọ̀ mọ́ ayọ́ọ̀nù négétíìfù. Fúlóráìdì kéré, agbára iná rẹ̀ sì pọ̀ sójú kan, nítorí náà wọ́n á bò ó bí alágbe ṣe ń bo olówó lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, kò ní ráyè kọlu kábọ́nù kankan. Ayódáìdì tóbi, agbára rẹ̀ fọ́n káàkiri, kò sẹ́ni tó dì í mú tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ayódáìdì fi jẹ́ ọ̀gá nukiliófáìlì nínú omi, tí fúlóráìdì sì gbẹ́yìn.

Ẹ kó wọn sínú DMSO tàbí DMF, ètò yẹn yóò dojú dé. Ọ́síjìn àwọn olómi wọ̀nyí ń di ayọ́ọ̀nù pọ́sítíìfù mú, wọ́n sì fi négétíìfù sílẹ̀ níhòòhò. Ásáídì tó ń kọlu CH₃CH₂CH₂CH₂Br máa ń yára nínú DMSO ju inú mẹ́tánọ́ọ̀lì lọ ní ìlọ́po bí 1,300. SN2 ni, nukiliófáìlì fúnra rẹ̀ wà nínú ìgbésẹ̀ tó ń pinnu eré.

SN1 kò ka agbára nukiliófáìlì sí. Kílórínì ló kọ́kọ́ ń já kúrò lára (CH₃)₃CCl, ìjákúrò yẹn ló sì lọ́ra. Olómi púrótíìkì ń fa kílóráìdì tó ń lọ, ọ́síjìn rẹ̀ sì ń gbé kábọ́nù pọ́sítíìfù tó kù ró. Nínú omi, ó ń yára ju inú ásíìdì ásẹ́tíìkì lọ ní ìlọ́po tó tó 150,000.

N kò ní fi ohun kan pamọ́ fún yín: fàdákà náà ń fa kílóráìdì, nítorí náà ẹ́tánọ́ọ̀lì nìkan kọ́ ló ṣiṣẹ́ nínú túùbù yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ rí iṣẹ́ sọ́fẹ́ǹtì lásán, ẹ da (CH₃)₃CCl sínú àdàlù asitónì òun omi tó ní NaOH díẹ̀ àti búrómófẹ́nọ́ọ̀lù búlúù. Àwọ̀ búlúù yóò di yẹ́lò nígbà tí ásíìdì tó ń jáde bá ti pa NaOH run. Ẹ fi omi kún un, kí ẹ dín asitónì kù, ẹ ó rí i pé yẹ́lò ń tètè dé.

Omi kan náà yìí ló ń ba ìdánwò ayódáìdì jẹ́. Bí túùbù yín bá tutù, NaBr yóò yọ́ sínú omi inú rẹ̀, ẹ ó sì kọ sílẹ̀ pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ní ti fàdákà, omi ẹ̀rọ tó kù nínú túùbù ní kílóráìdì, yóò funfun kí ẹ tó kán ohunkóhun sí i.

Àṣẹ sọ́fẹ́ǹtì ní ààlà o. DMSO kò lè sọ (CH₃)₃CCl di ti SN2, nítorí mẹ́tíìlì mẹ́ta ti dí ẹ̀yìn kábọ́nù. Omi náà kò sì lè mú CH₃CH₂CH₂CH₂Br gba SN1. Irú CH₃CHBrCH₂CH₃ tó wà láàárín ni sọ́fẹ́ǹtì ń tì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá gbé irú rẹ̀ fún yín láìdárúkọ sọ́fẹ́ǹtì, ẹ fi ọ̀wọ̀ bèèrè rẹ̀ kí ẹ tó kọ SN1 tàbí SN2 sílẹ̀.