Fọ́tò Ìjókòó Ọmọ Inú Ọkọ̀: Kí Lẹ Máa Wò Kí Ẹ Tó Sanwó?



Láìpẹ́ yìí, arábìnrin kan ní Fádèyí fi fọ́tò kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ìjókòó ọmọ inú ọkọ̀ ni, tòkunbọ̀ tó mọ́ tónítóní. Ẹni tó ń tà á kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà pé ó dára fún ọmọ tuntun títí di ọmọ ọdún 10. Ọmọ arábìnrin wa ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù 4 ni. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n sanwó?"

Mo ní kó má tíì san. Iwájú ìjókòó nìkan ló wà nínú fọ́tò náà, aṣọ àti tìmùtìmù kò sì lè sọ irú ọmọ tí wọ́n ṣe é fún. Mo ní kó sọ fún ọlọ́jà kó yí i padà, kó ya lébẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́yìn tàbí lábẹ́ ike rẹ̀, kó sì sún mọ́ ọn dáadáa.

Fọ́tò kejì dé. Lébẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ọsàn la rí, irú èyí tó máa ń wà lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ti Ìlú Ọba àti Yúróòpù wá. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni 9-36 kg. Lẹ́tà E wà nínú òbìrìkìtì pẹ̀lú 4 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Arábìnrin wa rò pé ọmọ ọdún 4 ni 4 yẹn ń tọ́ka sí. Rárá o. Nọ́ńbà orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí ìjókòó náà ni: 4 ni Nẹ́dálándì, 11 ni Ìlú Ọba. Nọ́ńbà gígùn tó wà lábẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 04, ìyẹn sì dára. Bó bá jẹ́ 01 tàbí 02 ló fi bẹ̀rẹ̀, ti àtijọ́ ni, ẹ má rà á.

Ìwọ̀n ọmọ ni 9-36 kg yẹn. A ṣí káàdì àjẹsára ọmọ náà, kílò 6.5 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìjókòó yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Iwájú ọkọ̀ ni ọmọ tó bá jókòó sínú irú rẹ̀ máa ń kọjú sí. Orí ọmọ ọwọ́ wúwo, ọrùn rẹ̀ kò sì tíì gbó. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì, bẹ́líìtì á di àyà mú, ṣùgbọ́n orí á fò síwájú, ọrùn nìkan ni yóò sì fà á padà. Bí ọmọ bá kẹ́yìn sí iwájú ọkọ̀, ẹ̀yìn ìjókòó náà ni yóò gba orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọlọ́jà tún fi òmíràn ránṣẹ́. 0-13 kg ló wà lára lébẹ́ẹ̀lì èyí, nọ́ńbà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 04. Èyí bá ọmọ kílò 6.5 mu. Yóò máa lò ó títí yóò fi pé kílò 13, àyàfi bí orí rẹ̀ bá ti dé etí òkè ìjókòó náà kó tó dìgbà yẹn. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí ẹ de irú rẹ̀ mọ́. Ẹ má ṣe gbé e síwájú níbi tí báàgì afẹ́fẹ́ bá ti ń ṣiṣẹ́, nítorí bó bá bẹ́, ó lè pa ọmọ.

Bó bá jẹ́ cm lẹ rí lára lébẹ́ẹ̀lì, gígùn ọmọ ni kí ẹ wọ̀n. Bó bá jẹ́ lb, bíi ti Amẹ́ríkà, ẹ ṣọ́ra: 22 lb kò ju kílò 10 lọ.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí fọ́tò mọ. Kò lè sọ bóyá ìjókòó náà ti wà nínú ìjàǹbá ọkọ̀ rí. Nítorí náà, arábìnrin wa lọ wò ó fúnra rẹ̀. Ó ṣí aṣọ rẹ̀, ó wá ibi tí ike ti sán, ó fa bẹ́líìtì wò, ó sì dè é tú u lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó wo òbìrìkìtì kékeré tí wọ́n tẹ̀ sára ike nísàlẹ̀, níbi tí ọdún tí wọ́n ṣe é máa ń wà láàárín, tí ọfà sì ń tọ́ka sí oṣù. Ó wá béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà pé ta ló lò ó tẹ́lẹ̀. Ọlọ́jà ní inú kọ̀ǹténà lòun ti rà á, òun kò mọ̀.

Arábìnrin wa kò rà á. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló fún un ní èyí tí ọmọ tirẹ̀ lò, 0-13 kg ni, wọ́n sì mọ̀ pé ọkọ̀ wọn kò ní ìjàǹbá rí. Kí Ọlọ́hun bá wa wo àwọn ọmọ wa.