Ọwọ́ Ni Kó Ṣáájú Kálàmù: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọmọ Mi Nọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà ní wọ́ọ̀dù ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Emùré àti káàkiri gúúsù Èkìtì, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi tọ́jú àwọn ìyá ìkókó kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí ẹ bá yà kí mi nílé, ìbéèrè kan náà ni ẹ máa ń bi mi: “Màámà, iṣẹ́ pọ̀, ọwọ́ kò tó, ṣé dandan ni ká máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí a ṣe ń ṣe é?” Aláìsàn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi dá yín lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá ìkókó kan bímọ nílé ní ìdájí. Kò pẹ́ ni gìrì mú un, àwọn ẹbí sì gbé e dé ọ̀dọ̀ yín. Gìrì ìkẹyìn mú un níwájú yín ní agogo 9:40 àárọ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru gan-an. Dókítà ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ maginísíọ́mù sọ́féètì. Ní agogo 10, ẹ fún un ní gíráàmù 4 sínú iṣan, díẹ̀díẹ̀, ẹ sì gún un ní gíráàmù 10 ní ìdí, 5 lápá ọ̀tún, 5 lápá òsì. Láti ìgbà náà, gíráàmù 5 ni yóò máa gbà ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, ìdí kan lẹ́yìn ìkejì, títí wákàtí 24 yóò fi kọjá lórí gìrì ìkẹyìn.

Oògùn yìí ló ń lé gìrì, ṣùgbọ́n inú ìtọ̀ ló ń gbà jáde lára. Bí ìtọ̀ bá dínkù, oògùn á máa wọ́ jọ sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè dá èémí dúró. Bí ẹ bá fò ó, gìrì lè padà. Bí ẹ bá fún un lẹ́ẹ̀mejì, èémí lè lọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, dúútì mẹ́ta ni yóò ti fọwọ́ kan obìnrin yìí: ti àárọ̀ láti agogo 8 sí 2, ti ọ̀sán láti 2 sí 8, àti ti òru. Ìwé nìkan ni yóò bá a délẹ̀.

1. Ẹ fi agogo to iṣẹ́ yín, ẹ má fi ibùsùn tò ó.

Ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibùsùn kìíní, ẹ óò sì máa bá a lọ títí dé ti ìkẹyìn. Ìyẹn dára fún títẹ́ ibùsùn. Kò dára fún oògùn. Bí ẹ bá ti gba wọ́ọ̀dù, ẹ fa ìlà sí àárín ìwé kan. Ẹ kọ agogo sí apá òsì, kí ẹ kọ iṣẹ́ sí apá ọ̀tún. Iṣẹ́ tó ní agogo ni kí ẹ kọ́kọ́ tò, kí èyí tí kò ní agogo, bíi ìwẹ̀ àti pípààrọ̀ aṣọ ibùsùn, wọ àárín wọn.

Iṣẹ́ tó jẹ́ ìlẹ̀kùn fún òmíràn sì gbọ́dọ̀ ní ìlà tirẹ̀. Ẹ má kọ “2:00, abẹ́rẹ́” nìkan. Ẹ kọ “1:45, yẹ̀ ẹ́ wò”, kí “2:00, abẹ́rẹ́” tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá so méjèèjì pọ̀, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá wọra, abẹ́rẹ́ ni ẹ óò rántí, ẹ ó gbàgbé àyẹ̀wò.

2. Nọ́ńbà ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ “ara rẹ̀ le”.

Ohun mẹ́ta ni ẹ óò yẹ̀ wò kí gíráàmù 5 kọ̀ọ̀kan tó wọlé. Ẹ fi aago ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko; kò gbọ́dọ̀ dín sí 16. Ẹ kan ìsàlẹ̀ orúnkún rẹ̀. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ ta. Ẹ wọn ìtọ̀ inú àpò. Láàárín wákàtí mẹ́rin tó kọjá, kò gbọ́dọ̀ dín sí mílílítà 30 fún wákàtí kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 120.

Orúnkún máa ń dákẹ́ kí èémí tó rẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kàn án. Ẹni tó bá sì kọ “ara rẹ̀ le” kò tíì sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá kọ 22 fún èémí, tí ẹnìkejì kọ 19, tí ẹnìkẹta kọ 16, ẹni kẹrin á rí i pé ohun kan ń sọ̀ kalẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìkankan nínú mẹ́ta náà tó bà á lẹ́rù lọ́tọ̀. Ẹ tún wò ó bóyá kalisíọ́mù gulukonéètì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, gíráàmù 1 nínú mílílítà 10, nítorí òun ni ẹ̀rọ̀ bí èémí bá fẹ́ lọ. Bí ẹ bá rí i, ẹ kọ ọ́ pé ẹ rí i.

3. Ẹ ṣe é tán kí ẹ tó kọ ọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ níbi tí ẹ ti ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé nínú iṣẹ́, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Èmi nìkan ni mo wà ní dúútì òru. Kí iṣẹ́ lè yá, mo jókòó ti tábìlì, mo màákì gbogbo oògùn agogo 10, mo fọwọ́ sí i, mo ní n óò wá máa pín in kiri. N kò tíì dé ibùsùn kejì nígbà tí wọ́n ké sí mi pé ẹ̀jẹ̀ ń dà lára aláboyún kan. Ó lé ní wákàtí kan kí n tó padà. Mo wo ṣáàtì, mo rí ìbuwọ́lù ara mi, mo sì kọjá lọ.

Ní nǹkan bí agogo 1:30 òru, gìrì tún mú ìyá ìkókó tó wà lórí ibùsùn kejì náà. Dókítà mú ṣáàtì, ó ní, “Ó ti gba abẹ́rẹ́ agogo 10, kí ló dé tí gìrì tún mú un?” Ìyá obìnrin náà, tó jókòó sórí ẹní nílẹ̀, ló dáhùn: “Dókítà, ẹ má bínú o. Láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì ti lọ, kò sí ẹni tó gún ọmọ mi.” Mo ní òótọ́ ni ìyá sọ. Ọlọ́run ṣàánú, obìnrin náà yè. Láti òru ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ohun tí a bá kọ kí a tó ṣe é, irọ́ ni títí a ó fi ṣe é, ẹni tó sì kọ́kọ́ máa ń gbà á gbọ́ ni ẹni tó kọ ọ́.

Nítorí náà, ẹ gbé ṣáàtì dání lọ sí ibi ibùsùn. Abẹ́rẹ́ jáde, ẹ wo aago, ẹ kọ agogo tó jẹ́ gan-an, ìwọ̀n, ìdí tí ẹ gún, àti orúkọ yín. Bó bá jẹ́ 2:10 ni ẹ gún un, 2:10 ni kí ẹ kọ.

4. Ohun tí ẹ kò ṣe, ẹ kọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá ìkókó wa. Agogo 1:45 lù. Èémí rẹ̀ jẹ́ 18, orúnkún ta dáadáa, ṣùgbọ́n mílílítà 90 péré ni ìtọ̀ láti agogo 10. Wákàtí mẹ́rin kò tíì pé, ṣùgbọ́n 24 péré ni fún wákàtí kan. Kí ẹ tó bẹ̀rù, ẹ tọ ipa rọ́bà ìtọ̀ láti ara rẹ̀ dé inú àpò: ṣé itan rẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀? Ṣé kò ká? Ṣé àpò rẹlẹ̀ ju ibùsùn lọ? Gbogbo rẹ̀ tọ́. A jẹ́ pé abẹ́rẹ́ agogo 2 kò ní wọlé, a sì gbọ́dọ̀ pe dókítà. Bí ẹ óò ṣe kọ ọ́ nìyí:

“1:50 ọ̀sán. Èémí 18. Orúnkún ń ta. Ìtọ̀ mílílítà 90 láti agogo 10. Rọ́bà kò ká. A dá abẹ́rẹ́ agogo 2 dúró. 1:52, a pe dókítà, ó ní ká tún wọn ìtọ̀ ní agogo 4 kí òun wá wò ó.”

Bí ẹ bá fi àyè agogo 2 sílẹ̀ lófìfo, ìtumọ̀ mẹ́ta ló lè ní: a gbàgbé, a gún un a kò kọ ọ́, tàbí a mọ̀ọ́mọ̀ dá a dúró. Ẹni tó bá dé á mú èyí tó bá wù ú. Bó bá sì jẹ́ orí fóònù ni dókítà ti sọ̀rọ̀, ẹ ka ohun tí ẹ kọ padà sí i létí, kí ó sì fọwọ́ sí i nígbà tó bá dé.

5. Bí agogo oògùn bá yí, ẹ yí ìwé pẹ̀lú.

Ní agogo 4, ìtọ̀ mílílítà 70 ti wọ àpò láàárín wákàtí méjì, ìyẹn 35 fún wákàtí kan. Dókítà wò ó, ó ní kí ẹ gún un ní gíráàmù 5. Ẹ gún ìdí òsì ní agogo 4. Láti ibí yìí, ètò ti yí: 8 alẹ́, 12 òru, 4 ìdájí, 8 àárọ̀. Ṣùgbọ́n 6 àti 10 ṣì wà nínú ètò tí dúútì àárọ̀ kọ. Bí ẹ kò bá pa wọ́n rẹ́, ẹlẹgbẹ́ yín tó lọ jẹun lè dé, kó rí “6:00, abẹ́rẹ́”, kó sì fi òtítọ́ inú gún obìnrin tó gba tirẹ̀ ní wákàtí méjì sẹ́yìn, tí kíndìnrín rẹ̀ kò sì tíì lágbára.

Ìlà kan ṣoṣo ni kí ẹ fà gba orí agogo àtijọ́, kí ojú ṣì lè kà á. Ẹ kọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ kọ ìdí, ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ má fi ẹfun ìwé bò ó, ẹ má ya ojú ìwé kúrò. Bí ẹ bá sì gbàgbé láti kọ nǹkan kan tí ẹ ti ṣe, agogo méjì ni kí ẹ kọ: èyí tí ẹ ṣe é, àti èyí tí ẹ ń kọ ọ́.

6. Abẹ́rẹ́ tó bọ́ sí ẹnu ìpààrọ̀ dúútì, ẹnìkan ni kó ni ín.

Agogo 8 alẹ́ ni dúútì òru ń wọlé, òun náà ni agogo abẹ́rẹ́. Ẹni tó ń lọ ń rò pé ẹni tó dé á gún un. Ẹni tó dé ń rò pé ẹni tó ń lọ ti gún un. Ìlànà tí mo fi sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù mi ni pé ẹni tó ń lọ ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, tí yóò gún un, tí yóò sì kọ ọ́, kí ó tó fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀. Ibi ibùsùn sì ni kí ẹ ti fi iṣẹ́ léra yín lọ́wọ́, kì í ṣe ìdí tábìlì.

Ẹ jọ ka ìgò oògùn. Ká ní ẹbí ra ìgò 8, tí ìgò kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílílítà 10, gíráàmù 5. Gíráàmù 14 ti àárọ̀ ṣí ìgò mẹ́ta, ti agogo 4 ṣí ọ̀kan, ti agogo 8 ṣí ọ̀kan. Mẹ́ta ló yẹ kó kù. Bí ẹ bá rí mẹ́rin, tí ìwé sì sọ pé abẹ́rẹ́ agogo 8 ti wọlé, kí ẹnikẹ́ni má tíì lọ sílé.

Ẹ̀yin ọmọ mi, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ìlẹ̀kùn ààfin Ògògà nílẹ̀ Ìkẹ́rẹ́ níbí, èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí. Ó gbẹ́ òyìnbó tí wọ́n gbé wá kí ọba, ó sì gbẹ́ ọba lórí ìtẹ́. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà lè wò ó lónìí, kó mọ ẹni tó jókòó àti ẹni tó wá bá a. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì tí yóò dúró ti ìyá ìkókó wa ní agogo 12 òru, síríńjì lọ́wọ́. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí ìtọ̀ dínkù, kò sí níbẹ̀ nígbà tí agogo yí. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìdí òsì ló kàn tàbí ọ̀tún. Ìyá ìkókó kò lè sọ fún un, ó ń sùn.