Àwọ̀tẹ́lẹ̀ Ẹni Tó Ń Lọ Ìlú Òtútù

Yorùbá ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ ò sí lára aṣọ tí ẹnikẹ́ni ń kí. Imú ló ń kí i, nígbà tí imú bá sì ti kí i, ọ̀rọ̀ ti di ti ìtìjú nìyẹn.

Ẹ lọ sí ọjà Áswánì ní Ìsọlọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́bàá títì tó lọ láti Òṣòdì sí Àpápá, ẹ ó rí àwọn ọmọ tí físà wọn ti jáde, tí wọ́n ń tú òkìtì bósíkọ̀rọ̀ wò. Wọ́n ń wá aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń lẹ̀ mọ́ra, èyí tí ènìyàn ń wọ̀ sábẹ́ aṣọ kí òtútù má baà rí ara mú. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ níbẹ̀. Pọliẹ́sítà ni èyí tó ń yọ̀, tí wọ́n fi èròjà inú epo rọ̀bì ṣe. Mẹ́rínò ni ìkejì, irun àgùntàn kan tí irun rẹ̀ tín-ín-rín ju ti àgùntàn yòókù lọ, ìdí nìyẹn tí kì í fi í yúnni lára. Àwọn tó ń tà á ń pe méjèèjì ní tẹ́máàlì, iye tó bá sì wá sí wọn lẹ́nu ni wọ́n ń pè é.

Òórùn ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wọn pọ̀ sí jù. Òógùn fúnra rẹ̀ kì í rùn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé lára wa ló ń jẹ ohun tó wà nínú òógùn àti ọ̀rá ara, ohun tí wọ́n bá sì sọ ọ́ dà ló ń rùn. Pọliẹ́sítà kì í fẹ́ràn omi, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọ̀rá. Omi á kọjá lára rẹ̀, ọ̀rá abíyá á dúró síbẹ̀, ọṣẹ pàápàá kì í sábà kó gbogbo rẹ̀ jáde. Irun àgùntàn ní tirẹ̀ máa ń fa ooru òógùn wọ inú ara rẹ̀, tó fi lè gba tó ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀ kó tó di pé ènìyàn mọ̀ pé ó tutù. Ohun tó ń rùn náà á há sínú rẹ̀, kò ní tètè jáde sáfẹ́fẹ́. Ẹ fi kọ́ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí di àárọ̀, ẹ tún lè wọ̀ ọ́.

Ẹ má sì sọ ìyẹn di àwáwí. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́, ó ní ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú lòun ò ti wẹ̀. Mẹ́rínò ń fún ènìyàn láàyè ọjọ́ mélòó kan ni, kò ní kí ẹ máà fọṣọ mọ́.

Nítorí náà, tí ẹ bá ń ra pọliẹ́sítà bósíkọ̀rọ̀, ẹ má kàn gbé e sí imú lásán. Aṣọ tó tutù lè dà bí èyí tó mọ́. Ẹ mú ibi abíyá rẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á gbọn-ingbọn-in títí yóò fi lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ wá gbọ́ òórùn rẹ̀. Tí òógùn ẹni àná bá jí dìde níbẹ̀, ẹ gbé e kalẹ̀, ooru ara yín náà á máa jí i lójoojúmọ́.

Ti gbígbẹ, pọliẹ́sítà ló borí. Ẹ fún un dáadáa lálẹ́, ẹ fi kọ́ ẹ̀yìn àga, tó bá di àárọ̀, ó ti gbẹ. Mẹ́rínò ń mu omi sára, nínú yàrá tí kò sí oòrùn, ó lè gba odindi ọjọ́ kan. Ẹni tó gbọ́n á tẹ́ ẹ sórí táwẹ́ẹ̀lì, á ká a pọ̀, á sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí omi tó pọ̀ jáde, lẹ́yìn náà á tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja. Kò gbọdọ̀ fi kọ́ orí ẹ̀rọ tó ń mú yàrá gbóná. Ṣùgbọ́n àṣírí kan wà níbẹ̀ tí àwọn tó ń yin pọliẹ́sítà kì í sọ: aṣọ tí a ń fọ̀ lójoojúmọ́ la máa ń sá lójoojúmọ́. Èyí tí a ń fọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń fìyà gbígbẹ jẹni.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọbìnrin kan tó ń lọ ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Mańṣẹ́sítà. Ọjọ́ márùn-ún ló ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀. Pọliẹ́sítà mẹ́ta ní bíi pọ́n-ùn 12 lọ́kọ̀ọ̀kan á ná an ní 36, á sì máa fọ ọ̀kan lálaalẹ́. Mẹ́rínò méjì ní bíi pọ́n-ùn 55 lọ́kọ̀ọ̀kan á ná an ní 110, á máa pààrọ̀ wọn, á sì fọ wọ́n lópin ọ̀sẹ̀. Lójú ìwé, ẹ̀yin náà lè ní mẹ́rínò ń gbà á lọ́wọ́ wàhálà. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó máa ń gbóná, kì í ṣe inú òtútù ló ń ṣiṣẹ́. Òfin ìmọ́tótó àwọn ilé ìwòsàn NHS sì ni pé kí ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ òṣìṣẹ́ wà ní gbangba nígbà tó bá ń tọ́jú aláìsàn, ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú ló sì ń tẹ̀ lé e. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ ọlọ́wọ́ gígùn kò wúlò fún un níbẹ̀ rárá. Pọliẹ́sítà ọlọ́wọ́ kúkúrú ni mo bá a yàn, nítorí á láàgùn lójoojúmọ́, á sì fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Tó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dúró de bọ́ọ̀sì, tó sì ń jókòó sí yàrá ìkàwé ni, mẹ́rínò ni ǹ bá yàn.

Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Pọliẹ́sítà ni yóò di àkísà lọ́wọ́ yín, nítorí kì í tètè ya. Mẹ́rínò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń lu níbi tí okùn báàgì ti ń họ ọ́, kòkòrò ajẹṣọ sì fẹ́ràn rẹ̀. Èyí tó burú jù ni ti omi gbígbóná: ara irun àgùntàn ní ìpẹ́ kéékèèké, tí ooru àti ìyípo ẹ̀rọ ìfọṣọ bá pàdé, àwọn ìpẹ́ náà á há mọ́ra wọn, aṣọ á sì di ti ọmọ ọwọ́. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́ nìyẹn, kò sí àtúnṣe. Bílíìsì sì máa ń yọ́ irun àgùntàn ni, ẹ má fi kàn án.

Àkọlé ọrùn bósíkọ̀rọ̀ máa ń parẹ́, ẹlòmíràn sì ti gé e. Ẹ fa okùn kan láti ara aṣọ náà gan-an, kì í ṣe okùn ìránṣọ, torí pọliẹ́sítà ni wọ́n sábà fi ń rán mẹ́rínò pàápàá. Ẹ dáná sí i. Tó bá jẹ́ irun àgùntàn, á rùn bí irun orí tó jóná, iná á sì máa kú, eérú rẹ̀ á fọ́ lọ́wọ́. Pọliẹ́sítà á súnkì, á yọ́, á sì di kókó líle, ẹ má fọwọ́ kàn án nígbà tó gbóná. Tí apá kan bá ń yọ́, tí òórùn irun sì wà níbẹ̀, àdàlù ni. Àgùntàn tó bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́, kí ẹ má san owó mẹ́rínò fún un.

Ní ti owó, ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tíì tó ra ohun gbogbo lẹ́kúnrẹ́rẹ́, kó ra pọliẹ́sítà méjì ní Áswánì, kó wọ ọ̀kan wọkọ̀ òfurufú. Mẹ́rínò tuntun lè dúró di oṣù kìíní, nígbà tí àwọn ilé ìtajà ní Bìrìtìkó bá ń dín owó aṣọ òtútù kù.