Bí Ọkọ̀ Bá Kú Sórí Ojú Irin

Ọkọ̀ ojú irin wúwo púpọ̀, kò sì lè yà fún ẹnikẹ́ni. Bó bá ń sáré, ó lè rìn tó kìlómítà kan kó tó dúró, bí awakọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ ti tẹ bíréèkì. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé mọ́tò ló gbọ́dọ̀ dúró dè é.

Kí ẹ tó gun orí irin

Bí ẹ bá ń sún mọ́ ibi tí títì ti dábùú ojú irin, ẹ dín eré kù. Ẹ pa rédíò, ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì, ẹ sì tẹ́tí sí fèrè. Bí gétì bá ti ń sọ̀kalẹ̀, tàbí tí ẹ̀ṣọ́ gétì na àsíá pupa, ẹ dúró. Ẹ rántí pé ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin kọlu bọ́ọ̀sì tó kó òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó ní PWD, Ìkẹjà, ẹ̀mí sì ṣòfò.

Bí ọkọ̀ ojú irin kan bá kọjá, ẹ má tíì ṣí. Òmíràn lè máa bọ̀ lórí irin kejì.

Nígbà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ má tẹ̀ lé ọkọ̀ iwájú gun orí irin àfi bí àyè tó gba gbogbo ọkọ̀ yín bá wà ní òdìkejì. Ẹ má sì pààrọ̀ jíà lórí irin, kí ẹ́ńjìnnì má baà kú síbẹ̀.

Bí ó bá kú ńkọ́?

Ká ní dánfó kan kú sórí irin ní Agége. Awakọ̀ kò ní kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Èrò ni yóò kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wọn, kí wọ́n fi ẹrù sílẹ̀, kí wọ́n sì jìnnà sí irin.

Lẹ́yìn náà, kó ké sí ẹ̀ṣọ́ gétì. Bí kò bá sí ẹ̀ṣọ́, kó pe 112, kó sì sọ ibi tó wà gan-an. Kí kọ́ńdọ́ gba ẹ̀gbẹ́ irin lọ pàdé ọkọ̀ ojú irin, kó máa ju aṣọ pupa fìrìfìrì, kí awakọ̀ ọkọ̀ náà lè rí i láti òkèèrè.

Bí wọn ò bá tíì rí ọkọ̀ ojú irin tàbí gbọ́ fèrè rẹ̀, awakọ̀ lè fi jíà sí nútírà, kó tú háńdìbíréèkì, kí wọ́n sì ti dánfó náà kúrò. Bí fèrè bá dún báyìí, kí wọ́n fi í sílẹ̀ kí wọ́n sá.

Wọn kò gbọ́dọ̀ sá lọ síbi tí ọkọ̀ ojú irin dorí kọ, torí ibẹ̀ ni yóò fọ́n àfọ́kù dánfó náà sí. Kí wọ́n yà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, kí wọ́n kọjú síhà ibi tó ti ń bọ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ni awakọ̀ yóò kọ́kọ́ ṣe bí ọkọ̀ bá kú sórí irin?
2. Ìgbà wo ni kò gbọ́dọ̀ ti ọkọ̀ mọ́?
3. Ìhà wo ni kí èrò sá sí, kí sì nìdí?