Kọ Owó Òòjọ́ Rẹ Sílẹ̀

Ọmọ mi tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, owó tó kún àpò rẹ lálẹ́ kì í ṣe èrè. Ká ní o ta aṣọ ₦18,000 lónìí, tí ọkọ̀ àti oúnjẹ gba ₦2,000. ₦16,000 ló kù lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n aṣọ funfun, aró àti sódà tí wọ́n fi ṣe ọjà náà ti jẹ ₦13,000, nítorí náà ₦3,000 péré ni tìrẹ. Bí o bá ná ₦4,500, o ti jẹ owó òwò ní ₦1,500.

Ra ìwé kékeré, fa ìlà sí i láàárín: owó tó wọlé, owó tó jáde. Ya ojú ewé ọ̀tọ̀ fún àwìn. Àfi tí oníbàárà bá san án kó tó di owó tó wọlé.

Lálẹ́, ka owó ọwọ́ rẹ. Owó àná pẹ̀lú ohun tó wọlé, yọ ohun tó jáde kúrò: ó gbọ́dọ̀ bá a mu. Bí kò bá pé, nǹkan kan wà tí o kò kọ. Omi inú ọ̀rá àti káàdì ìpè ló sábà máa ń jẹ́. Jọ̀wọ́, kọ ọ́ kí o tó sùn, torí pé o lè má rántí rẹ̀ mọ́ lọ́la.