Bí A Ṣe Lè Mọ Àdírẹ́sì Ilé-Iṣẹ́ Tòótọ́ Yàtọ̀ sí ti Gbájúẹ̀ Lórí Ayélujára

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí jáde láti inú ọ̀rọ̀ kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó wa sí gbèsè. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjìlá ni wọ́n tọrọ ẹ̀yáwó láti ra sólà kékeré àti bátìrì rẹ̀ sí ilé wọn, ₦300,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦3,600,000. Ọ̀kan nínú wọn mú orúkọ ilé-iṣẹ́ kan wá tí ó rí lórí ayélujára. Owó ọjà wọn dín sí ti gbogbo àwọn tí a ti bá ná ọjà tẹ́lẹ̀. Ìkànnì wọn dára lójú. Àdírẹ́sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà RC wà níbẹ̀, nọ́ńbà fóònù wà, máàpù pàápàá wà. Wọ́n ní láti ọdún 1998 ni àwọn ti ń ta sólà. Díẹ̀ ló kù kí a sanwó. Ìgbìmọ̀ ló ní kí a kọ́kọ́ yẹ àdírẹ́sì yẹn wò dáadáa.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé àdírẹ́sì èké ni èyí tí kò sí láyé rárá, irú bíi nọ́ńbà 200 ní àdúgbò tí ilé ibẹ̀ kò ju 60 lọ. Irú bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ inú wọn ló ń ṣe é. Gbájúẹ̀ tó mọṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ a máa yá àdírẹ́sì tí ó wà, ilé tí ènìyàn lè dé, tí a lè rí lórí máàpù. Nítorí náà, bí a bá kàn béèrè pé, “Ṣé àdírẹ́sì yìí wà?” ìdáhùn ni pé ó wà, ọkàn wa á sì balẹ̀ lásán. Ìbéèrè tó yẹ ni pé, “Ṣé ilé-iṣẹ́ yìí ló wà ní àdírẹ́sì yìí?” Méjì ni wọ́n, wọn kò jọra rárá.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe kò ná wa ní kọ́bọ̀. A kọ àdírẹ́sì náà sínú Google láìfi orúkọ ilé-iṣẹ́ sí i, a sì fi àmì àyọlò yí i ká níwájú àti lẹ́yìn. Àmì yẹn ló máa jẹ́ kí ó wá gbogbo ọ̀rọ̀ náà pọ̀ bí a ṣe kọ ọ́, kí ó má wàá ọ̀kọ̀ọ̀kan kiri. Ìkànnì mẹ́rin mìíràn ló jáde tí gbogbo wọn lo àdírẹ́sì kan náà. Ọ̀kan ń yá ènìyàn lówó, ọ̀kan ń ta ajá òyìnbó, èkẹta ń ta fóònù, èkẹrin ní òun ń bá ènìyàn gba físà. Nọ́ńbà fóònù méjì nínú wọn dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí èyí nìkan dájọ́ o. Ilé ńlá lè ní ọ́fíìsì ogún nínú. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń fi àdírẹ́sì háyà, wọ́n á máa bá àwọn oníṣòwò gba lẹ́tà, òfin kò sì kọ̀ ọ́. Agbẹjọ́rò tàbí ẹni tó ń kọ ìwé lè wà ní irú ibẹ̀. Ẹni tó ń ta bátìrì ńkọ́? Bátìrì kì í gbé inú lẹ́tà. Ó gbọ́dọ̀ ní sítọ́ọ̀ níbì kan, kí ó sì lè sọ ibẹ̀ fún wa.

Lẹ́yìn èyí ni a lọ sí ìkànnì CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń fi orúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wíwá orúkọ níbẹ̀. Ènìyàn lè fi orúkọ wá a, ó sì lè fi nọ́ńbà wá a. RC ni ti kọ́ńpìnnì, BN ni ti ẹni tó kàn forúkọ òwò sílẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti di ìyanu fún wa, nítorí pé nọ́ńbà RC náà jáde pẹ̀lú orúkọ tí a rí lórí ìkànnì, kò yàtọ̀ rárá. Ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ó mú wọn wá fò sókè, ó ní, “Ẹ ò rí i, Bàbá Akọ̀wé!” Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì tí ó wà nínú ìwé CAC kì í ṣe Ìkẹjà tí ìkànnì sọ. Ìbàdàn ni.

Ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì sọ ẹnikẹ́ni di olè. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló fi ilé ara rẹ̀ tàbí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò rẹ̀ forúkọ sílẹ̀, tí ó sì wá ń tajà níbòmíràn. Àwọn mìíràn ti kó kúrò tipẹ́, wọn kò sì lọ yí i padà. Ohun tí ìyàtọ̀ náà fún wa ni ojúlé kejì tí a lè kàn. Akápò wa ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ní Ìbàdàn lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì yà síbẹ̀. Ó bá oní-ọ́fíìsì náà níbẹ̀, àgbàlagbà kan tí ó ń bá àwọn ilé ìwé ṣe wáyà iná. Bàbá náà ní orúkọ òun ni, nọ́ńbà òun ni, ṣùgbọ́n òun kò ní ìkànnì kankan rí, òun kò sì ta sólà fún ẹnikẹ́ni ní Ìkẹjà. Àwọn gbájúẹ̀ ti mú orúkọ àti RC tirẹ̀, ohun tí gbogbo ènìyàn lè rí lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì so ó mọ́ ilé ẹlòmíràn. Ilé náà tòótọ́, RC náà tòótọ́. Ibi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀ ni irọ́ wà.

Ọ̀rọ̀ máàpù náà wá kù. Ọ̀pọ̀ wa gbàgbọ́ pé bí ibi kan bá ti wà lórí Google Maps, Google ti lọ wò ó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè dábàá pé kí wọ́n fi ibi kan kún un. Google máa ń yẹ ọ̀pọ̀ wò, wọ́n sì máa ń yọ àwọn ayédèrú kúrò, ṣùgbọ́n púpọ̀ ń bọ́ sẹ́yìn wọn. Nítorí náà a wo ọjọ́ tí àwọn oníbàárà kọ ìyìn sí abẹ́ orúkọ wọn. Mọ́kànlá ni wọ́n, ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a tẹ orúkọ ọ̀kan nínú àwọn tó yìn wọ́n, a rí i pé lọ́sẹ̀ kan náà ló yin oníṣẹ́ eyín kan ní ìlú òyìnbó. A tún tẹ Street View láti wo iwájú ilé náà. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀: àwòrán yẹn ní ọdún tirẹ̀, wọ́n máa ń kọ ọ́ sí i, ó sì lè pẹ́ gan-an. Bí a kò bá rí pátákó ilé-iṣẹ́ nínú àwòrán àtijọ́, ìyẹn kò ní kó má sí níbẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní òun ti wà níbẹ̀ láti 1998, ó yẹ kí àwòrán àtijọ́ rí i.

Ti ọdún 1998 yẹn náà, a yẹ̀ ẹ́ wò. Ní lookup.icann.org, bí ẹ bá kọ orúkọ ìkànnì tó parí sí .com, wọn á fi ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gba orúkọ náà hàn yín, níwájú ọ̀rọ̀ Created. Ti ìkànnì yìí kò tíì pé oṣù kan. Ìkànnì tuntun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, gbogbo òwò ló ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn á tilẹ̀ ti ń tajà fún ogún ọdún kí ó tó rántí ayélujára. Àwọn gbájúẹ̀ mìíràn sì máa ń ra orúkọ àtijọ́ tí ẹni tó ni ín ti pa tì. Nítorí náà ẹ kà á mọ́ ìyókù, ẹ má fi òun nìkan dá ẹjọ́.

Èyí tí àwa fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ kò tilẹ̀ nílò ayélujára. Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa ń wa ọkọ̀ ní Ìkẹjà. A bẹ̀ ẹ́ kó gba iwájú ilé náà kọjá. Ó ní ilé alájà mẹ́rin ni, ilé epo ló dojú kọ ọ́, mèígádì sì sọ fún un pé òun kò mọ orúkọ yẹn, àti pé ẹni kẹta rèé tí yóò wá béèrè wọn. Kí a tó sọ ohunkóhun, a tẹ ìkànnì náà láago. A ní a fẹ́ wá sanwó lọ́wọ́, kí wọ́n jọ̀ọ́ sọ ohun tó dojú kọ ọ́fíìsì wọn fún wa kí a má baà ṣìnà. Oníṣọ́ọ̀bù tòótọ́ kì í ronú kó tó dáhùn ìyẹn. Kí o tó sọ̀rọ̀ tán yóò ti ní, “Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀bù, ẹ bi àwọn ọlọ́kadà, lẹ́yìn ilé epo.” Ọkùnrin tó gbé fóònù dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní wọ́n ń tún ọ́fíìsì ṣe, kí a kàn san ìdajì, ọjà á dé ẹnu ọ̀nà wa.

Ó fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́. A tẹ nọ́ńbà mẹ́wàá náà sínú fóònù bí ẹni fẹ́ fowó ránṣẹ́, nítorí pé báńkì máa ń fi orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì hàn kí owó tó lọ. Orúkọ ènìyàn lásán ló jáde, kì í ṣe ti kọ́ńpìnnì. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà lè gba owó sí àkáǹtì ara rẹ̀, a ò bá a jà. Kọ́ńpìnnì tó ń fi RC yangàn, tó sì fẹ́ gba ₦1,800,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́, orúkọ kọ́ńpìnnì ló yẹ kí a rí níbẹ̀.

A dúró níbẹ̀. Owó náà ṣì wà ní báńkì, Akápò sì ti kọ lẹ́tà fún bàbá tó wà ní Ìbàdàn kí ó lè mú ẹjọ́ orúkọ rẹ̀ lọ bá àwọn ọlọ́pàá. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti sanwó fún irú wọn, báńkì yín ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré pè, wákàtí yẹn gan-an, kí wọ́n bá báńkì kejì sọ ọ́ kí owó tó kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ti ọlọ́pàá.

Láti ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó ọjà yóò ní àyè mẹ́rin mìíràn tí a máa kọ nǹkan sí: àdírẹ́sì tí ẹni tó ń tajà sọ, èyí tí CAC ní, orúkọ tó wà lórí àkáǹtì, àti orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù náà. Àwọn méjìlá tó tọrọ sólà, ẹ wá gba fọ́ọ̀mù yín lọ́wọ́ wa kí ọjọ́ ìpàdé tó pé.