Afárá Láàárín Kíì Méjì

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ dò-rè-mì ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó yóò rántí l kékeré tí a máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ r. Àmì afárá ni. Bí orin bá ń ti kíì C lọ sí kíì G, kọ́ọ̀dù A, C, E wà nínú méjèèjì: là, dò, mì ni tẹ́lẹ̀, ó wá di rè, fà, là. Ohùn kò yí padà, orúkọ ló yí.

Ewu wà níwájú, nínú kọ́ọ̀dù D, F ṣáàpù, A, tí í ṣe sò, tì, rè tuntun. Bí tẹ́nọ̀ bá kọ F lásán, afárá já. Etí ṣì ń retí C. Bí F ṣáàpù bá dún ketekete, tí G sì tẹ̀ lé e, orin ti dé ilé tuntun.